Iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún oṣù kan lẹ́yìn odi: òtẹ́ẹ̀lì, fúláàtì, ọ́fíìsì alájùmọ̀lò àbí ilé alájọgbé?

Ẹni tó fẹ́ lo oṣù kan nílùú mìíràn láìgba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀. Ó lè gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ó lè háyà fúláàtì fún odidi oṣù. Ó lè gba yàrá lásán tí owó rẹ̀ ò pọ̀, kó wá san owó ìjókòó lọ́tọ̀ ní ọ́fíìsì alájùmọ̀lò. Ó sì lè wọ ilé alájọgbé, níbi tí àwọn tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ti ń gbé pọ̀, tí yàrá àti ọ́fíìsì wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé Wáì-Fáì wà, ìyẹn ò sì tíì sọ ohunkóhun fún yín.

Nǹkan mẹ́ta la ó fi wọ̀n wọ́n: wákàtí tí ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ yín á jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń dúró sí, àti tábìlì pẹ̀lú àga tí ẹ ó máa jókòó tì. Wákàtí ló ṣíwájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí òun ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa nílò íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an, ìgbà yẹn ló sì ń sọ irú ilé tó yẹ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é ní ìdàkejì: wọ́n á kọ́kọ́ rí ilé tó wù wọ́n, wọ́n á sanwó, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á tó mọ̀ pé aago 10 alẹ́ ni ìpàdé ọjọọjọ́ wọn bọ́ sí.

## Ẹ ṣírò wákàtí kí ẹ tó wo ilé kankan

Ẹ kọ aago ibi iṣẹ́ yín bó ṣe jẹ́ sí UTC, aago àgbáyé tí gbogbo ìlú fi ń wọn tiwọn, ẹ kọ ti ìlú tí ẹ ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo iye tó wà láàárín méjèèjì. Ká ní ọ́fíìsì yín wà ní UTC+1, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti aago 9 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá lọ sí Báńkọ́ọ̀kì, tó wà ní UTC+7, wákàtí 6 ni aago ibẹ̀ fi ṣíwájú ti ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n bá ń jókòó sẹ́nu iṣẹ́ ní aago 9, aago 3 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ṣíwọ́, aago 11 alẹ́ ti lù. Bí ẹ bá forí lé ìwọ̀ oòrùn, ká sọ pé Bògótà ní UTC-5, aago 9 wọn á jẹ́ aago 3 òru yín, wọ́n á sì ti ṣíwọ́ nígbà tó bá di aago 11 àárọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Kò sí ìdí láti bá wọn jókòó fún gbogbo wákàtí mẹ́jọ. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ ń rìn dáadáa bí ẹ bá jọ wà lórí ìlà fún wákàtí 4 lójúmọ́. Ní Báńkọ́ọ̀kì, bí ẹ bá ṣiṣẹ́ láti aago 1 ọ̀sán sí aago 9 alẹ́, ẹ ó pàdé wọn láti aago 3 sí aago 9, ìyẹn wákàtí 6. Ní Bògótà, bí ẹ bá ṣiṣẹ́ láti aago 6 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, ẹ ó pàdé wọn láti aago 6 sí aago 11, wákàtí 5 nìyẹn. Lórí ìwé, ìlú méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n wákàtí 6 ti Báńkọ́ọ̀kì bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́, nígbà tí gbogbo ará ilé ti dé, tí kálukú ń wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà tí ẹ fẹ́ fi ṣèpàdé. Wákàtí 5 ti Bògótà bọ́ sí ìdájí: íńtánẹ́ẹ̀tì ò ní èrò nígbà yẹn, àmọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì alájùmọ̀lò lè má tíì ṣí, àwọn tó wà nínú yàrá kejì ṣì ń sùn, ẹ̀yin sì ń sọ̀rọ̀ sókè. Ìyàtọ̀ yìí la ó máa padà sí nígbà tí a bá ń wo ilé kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú àwọn ìpàdé yín tó máa ń wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí aago wọn padà. Ìpàdé aago 4 ìrọ̀lẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn á jẹ́ aago 10 alẹ́ ní Báńkọ́ọ̀kì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò burú. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ kí wọ́n mú un wá sí aago tó ṣáájú ìyẹn kí ẹ tó gbéra, torí kò rọrùn láti bẹ̀bẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ti débẹ̀. Bí ìyàtọ̀ aago bá ti ju wákàtí 8 lọ, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ oníìpàdé, ìlú yẹn kò yẹ fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ara fi máa ń mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ ó sì tún máa palẹ̀ mọ́.

Ẹ tún wo bóyá aago máa yí padà láàárín oṣù yẹn. Ní Yúróòpù, Sunday tó gbẹ̀yìn nínú oṣù March àti ti October ni wọ́n máa ń yí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, Sunday kejì ní March àti àkọ́kọ́ ní November ni. Tàìláńdì àti Kòlóńbíà, níbi tí Báńkọ́ọ̀kì àti Bògótà wà, kì í yí tiwọn rárá. Nítorí náà, ìpàdé tó wà ní aago 3 ọ̀sán lánàá lè di aago 4 lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá kọ ìpàdé sínú kàlẹ́ńdà pẹ̀lú aago ọ́fíìsì, tí fóònù yín sì ń yí i sí ti ìlú tí ẹ wà fúnra rẹ̀, ìṣòro yẹn ti kúrò nílẹ̀.

## Íńtánẹ́ẹ̀tì: kì í ṣe iye tó wà nínú ìpolówó

Onílé á sọ pé ọgọ́rùn-ún mẹ́gábíìtì ni tòun. Èyí tó ń wọlé ló ń sọ, èyí tí ojú ìdánwò ń pè ní Download. Èyí tó máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni èyí tó ń jáde, Upload. Zoom béèrè fún nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 2.6 tó ń jáde àti 1.8 tó ń wọlé, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún ìpàdé ọ̀pọ̀ èèyàn tí fídíò rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ìyẹn ò pọ̀. Bí ẹyọ èèyàn kan bá ní mẹ́gábíìtì 10 tó ń jáde, tí kì í já, ó ti tó o. Ẹni tó ní 200 tó ń wọlé àmọ́ tó jẹ́ 3 péré ló ń jáde, tí aládùúgbò rẹ̀ sì tún ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí ìlà kan náà, á máa gbọ́ "a ò gbọ́ yín mọ́" títí ìpàdé á fi tán.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni bóyá ìlà náà ń dúró. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ jókòó sídìí tábìlì tí ẹ ó máa lò gan-an, ní wákàtí tí ẹ ó máa ṣèpàdé, kí ẹ ṣe ìdánwò yìí. Lórí Windows:

```
ipconfig
ping -n 200 192.168.1.1
ping -n 200 1.1.1.1
```

Ẹ máa rí nọ́ńbà ráútà ní iwájú "Default Gateway" nínú èsì àkọ́kọ́. Ẹ fi í rọ́pò 192.168.1.1 bí kò bá bá a mu. Lórí Mac àti Linux, `-c` lẹ ó kọ dípò `-n`; dípò `ipconfig`, ẹ kọ `route -n get default` lórí Mac, kí ẹ wo iwájú "gateway", tàbí `ip route` lórí Linux, kí ẹ wo iwájú "default via". Ìdánwò kọ̀ọ̀kan á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀. Ìkejì ń bá ráútà inú ilé sọ̀rọ̀, ìkẹta ń bá kọ̀ǹpútà kan tó wà níta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá ń sọnù lọ́nà láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ráútà, Wáì-Fáì yàrá yẹn ni àìsàn wà: ògiri nípọn, tàbí ráútà jìnnà. Ẹ lè sún tábìlì, tàbí kí ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bó bá mọ́ délé ráútà, tó wá ń sọnù lẹ́yìn ìyẹn, ìlà tó wọ ilé ló ní àbùkù, kò sì sí tábìlì tí ẹ lè sún tó máa wò ó sàn.

Bí ohun tó sọnù bá ti kọjá 1 nínú 100, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ tún wo iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí èsì náà fi hàn. Bí èyí tó kéré jù bá jẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdì 15, tí èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ 40, ara líle ni. Bó bá ń fò láti 15 lọ sí 600, ìlà ráútà ló ń kún: ẹnì kan ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, gbogbo nǹkan yòókù sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè mọ̀ ọ́n mọ̀ dá a sílẹ̀ láti fi dán an wò. Ẹ fi fídíò gígùn kan ránṣẹ́ sórí ibi ìpamọ́ yín, kí ẹ sì tún ṣe ìdánwò kẹta nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. Bí nọ́ńbà bá gòkè fíofío, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn.

Ẹ má sì dá ilé lẹ́bi fún ohun tí ọ̀nà jíjìn fà. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kìlómítà 10,000 gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 50 ní àlọ, 50 mìíràn ní àbọ̀, kí a tó ka ti ráútà ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Ìpàdé fídíò fara da ìyẹn. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti òkèèrè, tó ń rí ojú rẹ̀ lórí tirẹ̀, ló máa mọ̀ ọ́n lára jù.

Ilé yòówù kí ẹ yàn, ìlà kejì pọn dandan, kó sì jẹ́ síìmù ilé-iṣẹ́ tó yàtọ̀ sí èyí tó gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé náà, kí àjálù kan má bàa gbé méjèèjì lọ pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún síìmù orí ẹ̀rọ, ìyẹn eSIM, tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé dátà yín gba orílẹ̀-èdè mìíràn kó tó jáde, tí àlọ àti àbọ̀ á fi gùn gan-an. Wọ́n dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Síìmù ìlú yẹn fúnra rẹ̀ ló yẹ fún iṣẹ́. Ìpàdé tó ń lo mẹ́gábíìtì 3 lápapọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan máa jẹ gígábáìtì 1.35 láàárín wákàtí kan. Bí ìlà ilé bá kú fún ọjọ́ méjì, tí ẹ ní ìpàdé wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, gígábáìtì 8 ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ ra 20, kí ọkàn yín balẹ̀.

## Tábìlì àti àga

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tábìlì iṣẹ́ máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí 75, ìjókòó àga á wà ní nǹkan bíi 45. Bí àyè àárín ìjókòó àti ojú tábìlì bá fi púpọ̀ ju 30 lọ, èjìká yín á máa gòkè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tẹ̀wé, ọrùn á sì sọ tiẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Àga gíga tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná rẹwà nínú fọ́tò, kì í ṣe ti wákàtí mẹ́jọ. Ẹ gbé ìdúró kọ̀ǹpútà tó ṣeé ká àti pátákó ìtẹ̀wé ọ̀tọ̀ dání; ojú kọ̀ǹpútà á gòkè dé ojú yín, ọwọ́ á wà nísàlẹ̀. Nínú fọ́tò ilé, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí tábìlì, kí ẹ sì wo ibi tí fèrèsé wà. Bó bá wà lẹ́yìn yín, dúdú ni ojú yín á máa rí lójú àwọn tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

## Yàrá òtẹ́ẹ̀lì

Àǹfààní òtẹ́ẹ̀lì ni pé èèyàn wà níbi ìgbàlejò tọ̀sán-tòru, ó sábà máa ń ní iná àrọ́pò, bí yàrá kan ò bá sì dára wọ́n lè gbé yín sí òmíràn láàárín wákàtí kan. Òun ló wọ́n jù bí a bá kà á ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì tún máa ra oúnjẹ síta torí pé ibi ìdáná kò sí.

Àbùkù rẹ̀ ni pé íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiyín. Ọ̀kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ Wáì-Fáì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè máa bọ́ yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó sì ń gba inú ògiri àti ilẹ̀kùn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láàárín aago 8 sí 10 alẹ́, tí gbogbo àlejò ti wọlé, ibẹ̀ ló ti máa ń burú jù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Báńkọ́ọ̀kì láti ọ̀sán di alẹ́, bí àpẹẹrẹ tiwa, ìgbà yẹn gan-an ni ìpàdé rẹ̀. Ẹ béèrè fún yàrá tó súnmọ́ ẹ̀rọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí èyí tó ní ojú ihò wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì lára ògiri. Òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ púpọ̀ ṣì ní in, kò sì sẹ́ni tó ń lò ó.

Ojú ìwé ìwọlé tún wà, èyí tó ń béèrè nọ́ńbà yàrá. Ọ̀pọ̀ ni kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kó tó lé yín jáde, ó sì lè jẹ́ àárín ìpàdé ló máa ṣe é. Ẹ máa wọlé lákọ̀tun kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ìwé náà bá kọ̀ tí kò yọjú, ẹ pa VPN ilé-iṣẹ́ yín ná, ẹ ṣí `http://neverssl.com`, á sì gbé yín lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé, kí ẹ tún VPN tàn. Ní ti tábìlì, bọ́ọ̀dì dígí ìmúra ni ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń pè ní tábìlì iṣẹ́, pẹ̀lú àga tó nípọn tó sì rẹlẹ̀.

## Fúláàtì fún odidi oṣù

Fún wákàtí tó ṣàjèjì, òun ló dára jù. Kò sẹ́ni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ yín ní aago 7 alẹ́, ẹ sì lè sọ̀rọ̀ ní aago 6 àárọ̀ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an bó bá ti pé ọjọ́ 28, ibi ìdáná sì wà. Ráútà wà lọ́wọ́ yín: ẹ lè fi wáyà mítà 10 so ó mọ́ tábìlì, ẹ lè pa á kí ẹ tún un tàn.

Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ló wà, onílé sì lè wà nílùú mìíràn. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó kò pọ̀. Ẹ ní kí ó ṣe ìdánwò ní aago 8 alẹ́ ìlú yẹn, nídìí tábìlì, kó ya àwòrán ojú ẹ̀rọ tó ń fi Upload hàn. Ẹ béèrè bóyá ráútà wà nínú fúláàtì náà, torí àwọn kan ń pín ti ìsàlẹ̀ fún àjà mẹ́ta. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ. Onílé tó dáhùn pé "Wáì-Fáì wa dára gan-an, ẹ má ṣèyọnu", láìfi àwòrán ránṣẹ́, ẹ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti iná, ẹ̀rọ méjì ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì fáíbà wọ ilé, àpótí kékeré tí wáyà fáíbà wọ̀ àti ráútà, àwọn méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ ní iná. Ọ̀pọ̀ ló ń lo fóòtì 12, wọn kì í sì í jẹ ju wáàtì 10 sí 20 lọ lápapọ̀. Bátìrì alágbèéká tó jẹ́ 20,000 mAh ní nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 74. Bí wáyà ìyípadà rẹ̀ bá gbé e dé fóòtì 12, ó lè gbé méjèèjì fún wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún, kò sì kọjá wáàtì-wákàtí 100 tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gbà láyè nínú ẹrù ọwọ́. Ẹ ka ohun tó wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó so ó, torí fóòtì tí kò bá a mu á bà á jẹ́.

Ìdẹkùn owó tó wà níbí ni pé ẹ̀dínwó oṣù kan gba pé kí ẹ san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gba alẹ́ márùn-ún ná láti fi dán an wò máa san jù díẹ̀ fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ èyí tí ìpàdé kan tó bàjẹ́ lè ná yín ju ẹ̀dínwó yẹn lọ. Bí ẹ bá sì ti san tán, ẹ ṣe ìdánwò lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, kí ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé nípasẹ̀ ibi tí ẹ ti háyà á. Àwọn ibi ìháyà ní gbèdéke kúkúrú fún ẹjọ́, ẹni tó bá sì dúró di ọ̀sẹ̀ kejì kò ní rí owó gbà.

## Yàrá lásán pẹ̀lú ọ́fíìsì alájùmọ̀lò

Ibí ni àga ti dára jù, àti íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, torí òun gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Èyí tó dáńgájíá máa ń ní ìlà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì, bí ọ̀kan bá já, èkejì á gbà á. Ẹ béèrè èyí ní tààràtà. Owó méjì lẹ ó san, ti yàrá àti ti ìjókòó, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn kì í sábà ju ti òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Wákàtí ló ń bà á jẹ́. Ọ́fíìsì tó ń ti ilẹ̀kùn ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ á fún ará Báńkọ́ọ̀kì inú àpẹẹrẹ wa ní wákàtí 3 péré nínú 6 tó fi ń pàdé àwọn èèyàn rẹ̀. Èyí tó ń ṣí ní aago 9 àárọ̀ á fún ará Bògótà ní 2 nínú 5. Wọ́n á ní káàdì wákàtí 24 wà. Ẹ béèrè bóyá owó oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló kó o pọ̀, torí ó sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ní tábìlì tirẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ amúlétutù lálẹ́. Ẹ sì wo bí ẹ ó ṣe padà sílé ní aago 10.

Ohun kejì ni ibi tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀. Wọn ò gbà kí ẹ ṣèpàdé ní gbàgede, yàrá kékeré onígíláàsì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Bí yàrá bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta fún ogójì èèyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń bá ìhà kan náà láyé ṣiṣẹ́, ẹ ó máa tò. Ẹ ra ìjókòó ọjọ́ kan kí ẹ tó ra ti oṣù, kí ẹ sì lọ ní wákàtí ìpàdé yín. Àárọ̀, tí ibẹ̀ ṣófo, kò lè sọ òótọ́ fún yín.

## Ilé alájọgbé

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì jẹun, nítorí náà bí ìlà bá já, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa kàn sí onílé. Àga gidi wà, owó kan ṣoṣo lẹ ó san, yàrá sì súnmọ́ tábìlì débi pé ìpàdé aago 10 alẹ́ kò di ìrìn òru.

Ibi tó kù sí ni pé gbogbo yín máa ń ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èèyàn 15 bá wà lórí fídíò pọ̀, mẹ́gábíìtì 39 ló gbọ́dọ̀ máa jáde nínú ilé yẹn, bí a bá fi 2.6 ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣírò. Ilé tó ní 20 péré, bó ti wù kí èyí tó ń wọlé pọ̀ tó, á kùnà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ìbéèrè tó já fáfá jù tí ẹ lè bi wọ́n nìyí: "Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí, ìhà ibo láyé ni wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́?" Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, ara tù yín. Ariwo náà wà o, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Íyápíìsì tó ní ẹnu ìgbohùn nítòsí ètè dára níbẹ̀ ju èyí tó ń gbọ́ gbogbo yàrá lọ.

## Ọ̀rọ̀ kan tí kò kan ilé

Iṣẹ́ púpọ̀ dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì tàbí ọ́fíìsì ń fi ránṣẹ́ sórí síìmù ilé, tí síìmù náà sì ti jáde nínú fóònù. Ẹ gbé e sórí áàpù ìdánimọ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì pé ẹ ó máa wọlé láti òkèèrè. Ẹ tún wo ohun tí ìlú náà ń dí: ní Dùbáì, bí àpẹẹrẹ, ìpè ohùn àti fídíò lórí WhatsApp kì í ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó ń fi í bá oníbàárà sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn.

## Ta ni kí ó mú èwo?

Bí ìyàtọ̀ aago yín kò bá ju wákàtí 3 lọ, ẹ mú yàrá lásán pẹ̀lú ọ́fíìsì alájùmọ̀lò, torí ẹ ó lò ó ní gbogbo wákàtí tí wọ́n fi ń ṣí i. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ di alẹ́ tàbí láti ìdájí, tí ìpàdé yín pọ̀, fúláàtì ni, pẹ̀lú síìmù kejì àti wáyà. Ní ti ìdájí, kò sí ohun tó sún mọ́ ọn rárá; ní ti alẹ́, ilé alájọgbé lè bá a díje bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń bá ìhà mìíràn láyé ṣiṣẹ́ ju tiyín lọ.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ tàbí yíyàwòrán, tí ìpàdé rẹ̀ kò ju méjì lọ lọ́sẹ̀, kò nílò gbogbo ìnáwó yìí. Kó gba fúláàtì tó rọjú, kó sì máa ra ìjókòó ọjọ́ kan ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó ń dá nìkan rìn, tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí aago rẹ̀ kò sì ṣàjèjì jù, ilé alájọgbé máa bá a lára mu ju fúláàtì lọ. Òtẹ́ẹ̀lì ní tiẹ̀ yẹ fún ẹni tó ń yí ìlú padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí fún alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ẹ ó fi máa lọ wo fúláàtì àti ọ́fíìsì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́, ní aago 8 alẹ́.